Ohun Tí Àlejò Ń Wá Kí Ó Tó Rí Ilé Wa

Ẹni tí ó jókòó sí Ìkẹjà tàbí sí Lọ́ńdọ̀nù, tí ó ń wá ibi tí yóò sùn sí ní Abẹ́òkúta nítorí ìgbéyàwó, kì í kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ dídùn tí onílé kọ. Orúkọ ìlú ni yóò kọ́kọ́ tẹ̀, lẹ́yìn náà ọjọ́ tí yóò dé àti ọjọ́ tí yóò lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò ṣí àpótí àṣàyàn, tí yóò máa fọwọ́ kan àwọn ohun tí kò lè ṣe aláìní: Wáìfáì, ẹ̀rọ amúlétutù, ibi ìgbọ́kọ̀sí, omi gbígbóná. Bí ó ti ń fọwọ́ kàn wọ́n ni iye ilé tó wà lójú fóònù rẹ̀ ń dín kù. Ilé tí onílé rẹ̀ kò fi àmì sí iwájú Wáìfáì yóò pòórá, ì báà jẹ́ pé Wáìfáì ibẹ̀ ló yá jù ní gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ì báà sì jẹ́ pé onílé kọ ọ́ sínú àpèjúwe rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Àmì yẹn nìkan ni ẹ̀rọ ń wò nígbà tí ó bá ń ṣa ilé. Ènìyàn ló ń ka àpèjúwe, ìgbà tí ẹ̀rọ bá sì ti ṣa ilé tán ni ènìyàn ń dé ibẹ̀.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló mú mi mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ó ní ilé àlejò kan ní Aké, yàrá mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, nínú ilé alámọ̀ àtijọ́ tí ògiri rẹ̀ nípọn bí apá ṣe gùn. Wọ́n tún ilé náà ṣe dáadáa, wọ́n kun ún, wọ́n fi ilé ìwẹ̀ sí yàrá kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó fẹ́ gbé e sórí ìkànnì ìgbàyàrá, ó kọ àkọlé àti àpèjúwe sínú ìwé, ó sì fi ránṣẹ́ sí mi nítorí pé ìwé kíkọ ni iṣẹ́ mi. Ó ní, “Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jẹ́ kó dùn sí i.” Àkọlé rẹ̀ ni *Ilé Ayọ̀: Ààfin Ìtura, Ibi Àlàáfíà Tí Kò Lẹ́gbẹ́*. Àpèjúwe tó tẹ̀ lé e sọ nípa ìfẹ́, ìmọ́tótó àti bí àlejò yóò ṣe rò pé inú ilé òun lòun wà.

Oríkì ni, ó sì dùn. Ṣùgbọ́n mo ń ro ẹni tí yóò kà á. Ẹni tó ń bọ̀ ní alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, tí ó ní àpò aṣọ, gèlè àti ọmọ kékeré kan lọ́wọ́, ohun mẹ́ta ló ń bà á lẹ́rù: kí Nẹ́pà má mú iná lọ kí ooru sì gbà wọ́n, kí omi má dá nígbà tí wọ́n bá fẹ́ wẹ̀ láàárọ̀ Sátidé, àti kí ó má dé ibẹ̀ tán kí ó wá máa wá ibi tí yóò gbé ọkọ̀ sí ní òru. Kò sí èyí tí ọ̀rọ̀ “ààfin” dáhùn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Gbogbo ilé ìtura tó wà ní ìlú ló ń pe ara wọn ní ibi àlàáfíà, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà kì í ya ilé kan sọ́tọ̀ kúrò lára ìkejì.

Àyè tí a fi ń kọ àkọlé kò pọ̀. Lórí Airbnb, 50 ni iye lẹ́tà àti àlàfo tí àkọlé lè gbà, lójú fóònù sì rèé, wọ́n sábà máa ń gé ìparí rẹ̀ kúrò. Ohun tó wúwo jù gbọ́dọ̀ wà níwájú. Orúkọ ìlú kò yẹ kó gba àyè níbẹ̀ rárá, nítorí pé ìkànnì náà fúnra rẹ̀ máa ń kọ Abẹ́òkúta sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán ilé, àlejò ló sì tẹ orúkọ ìlú náà kí ó tó dé ibẹ̀. Iye yàrá àti ibùsùn náà ti ní àyè tiwọn níbòmíràn. Kí a fi lẹ́tà ńláńlá kọ gbogbo rẹ̀, tàbí kí a fi ìràwọ̀ àti àwòrán kéékèèké sí i, Airbnb kò fẹ́ ẹ, ojú ẹni tó ń kà á kò sì fẹ́ ẹ.

A jókòó, a sì ń yọ ọ̀rọ̀ kúrò. Èyí tó kù ni *Yàrá nítòsí Olúmọ, iná sólà, omi, ibi ìgbọ́kọ̀sí*. Gẹ̀ẹ́sì ni a fi gbé e sórí ìkànnì, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ àlejò fi ń wá ilé, ṣùgbọ́n Yorùbá la fi rò ó. Lẹ́tà àti àlàfo ti Yorùbá náà jẹ́ 46. Bí fóònù bá sì gé e sí 32, “Yàrá nítòsí Olúmọ, iná sólà, omi” ṣì wà níbẹ̀ lódindi.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé ìdí wo ni Wáìfáì kò fi sí nínú rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé òun ni àlejò ń kọ́kọ́ béèrè. Ìbéèrè tó dára ni. Ohun tí mo rò nípa rẹ̀ ni pé Wáìfáì ti ní àpótí tirẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ẹ ti fọwọ́ kàn án, gbogbo ilé tó ń rí lójú fóònù rẹ̀ lákòókò yẹn ló ní Wáìfáì. Bí a bá tún kọ ọ́ sínú àkọlé, a kò sọ ohun tuntun. Ohun tí kò rí àpótí tó bá a mu, tàbí tí àpótí kò lè sọ tán, ni àkọlé wà fún. Àpótí “ẹ̀rọ amúlétutù” kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí Nẹ́pà bá mú iná lọ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Àwọn tó ń gbé ní ìlú tí iná kì í ti í lọ ló ń lo àwọn ìkànnì yìí jù, kò sì ṣeé retí pé wọn yóò ro tiwa mọ́ ọn. Àwa ni ká rò ó.

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé gbogbo ìkànnì kọ́ ló ń fún onílé láyè láti kọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Lórí Booking.com, ohun tí onílé fi àmì sí ni ilé iṣẹ́ náà fi ń hun àpèjúwe ilé fúnra wọn. Ẹni tó bá fi ìkánjú fi àmì sí nǹkan níbẹ̀ yóò bá àpèjúwe tí kò mọ̀ nípa ilé ara rẹ̀.

Bí a ti ń fi àmì síwájú ohun kọ̀ọ̀kan, a dé ibi tí a ti fẹ́ kọ ọ́ pé iná wà ní wákàtí 24. Ibẹ̀ ni mo ti ní ká dúró. Ọ̀rọ̀ yìí ló pọ̀ jù nínú àpèjúwe àwọn ilé àlejò wa, òun náà ló sì ń fa ìjà jù láàárín onílé àti àlejò. Àwọn ilé kan wà tó wà lórí Báńdì A, tó yẹ kí wọ́n máa rí iná ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́ gẹ́gẹ́ bí ìlànà àjọ tó ń ṣàkóso iná mànàmáná. Ilé tiwa kò sí lára wọn. Ohun tó ní ni ínfátà 3.5 KVA kan, bátìrì lítíọ́ọ̀mù kan, àwọn pátákó sólà lórí òrùlé, àti ẹ̀rọ amúnáwá alépo 5.5 KVA kan lẹ́yìnkùlé. A pe ọmọkùnrin oníná tó so wọ́n, a ní kó wá bá wa ṣírò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó sọ ni, “Màmá, mi ò ní í tàn yín.” Ó wá ṣàlàyé. Agbára tí bátìrì náà lè gbà sínú jẹ́ kílówáàtì-wákàtí 4.8, ìyẹn ni pé yóò gbé ohun tó ń jẹ wáàtì 1,000 fún wákàtí tó sún mọ́ márùn-ún. Ṣùgbọ́n ínfátà kì í jẹ́ kí ó gbẹ tán kí ó má baà tètè bàjẹ́, nítorí náà 4 ni ká kà á sí. Fáànù mẹ́ta, gílóòbù márùn-ún, ráútà Wáìfáì àti fíríìjì kan, tí a bá ro gbogbo wọn pọ̀, ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 300. Láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ di aago méje àárọ̀ jẹ́ wákàtí mẹ́wàá, wọn yóò sì jẹ 3 nínú 4 náà. Ó tó, ó tún ṣẹ́ kù.

Ẹ wá fi ẹ̀rọ amúlétutù kan kún un. Èyí tó kéré jù tí wọ́n sábà ń tà, tí wọ́n ń pè ní ẹṣin kan, ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 800 nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ gidi. Àròpọ̀ rẹ̀ di 1,100, bátìrì yóò sì gbé e fún wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀ péré. Bí àlejò inú yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá tan tiwọn lẹ́ẹ̀kan náà, ó di 2,700, kò sì ní í ju wákàtí kan àti ààbọ̀ lọ. Ó tiẹ̀ lè má tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ínfátà 3.5 KVA kì í gbé ju nǹkan bíi wáàtì 2,800 lọ, ẹ̀rọ amúlétutù sì máa ń fa agbára ju bó ṣe yẹ lọ nígbà tó bá ń dìde. Ẹni kan yóò tan tirẹ̀ ní aago mẹ́wàá alẹ́, ilé yóò sì ṣókùnkùn lójijì. Àlejò kò mọ̀ pé ínfátà ló ti pa ara rẹ̀ nítorí ẹrù. Ohun tó mọ̀ ni pé wọ́n kọ wákàtí 24 sí i.

Nítorí náà “iná wákàtí 24” jẹ́ òótọ́ fún fáànù, ó sì jẹ́ irọ́ fún ẹ̀rọ amúlétutù, nínú ilé kan náà, ní alẹ́ kan náà. Bí a ṣe yanjú rẹ̀ nìyí. Bí iná ìjọba kò bá sí, ẹ̀rọ amúnáwá yóò máa ṣiṣẹ́ láti aago méje sí aago méjìlá alẹ́, òun ni yóò gbé ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Láàárín àkókò yẹn náà ni yóò máa kún bátìrì. Èyí ṣe pàtàkì nígbà òjò, ní oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, tí ìkùukùu máa ń bo oòrùn tí bátìrì kì í fi í kún kí alẹ́ tó lẹ́. Nígbà tí wọ́n bá pa ẹ̀rọ amúnáwá ní aago méjìlá, bátìrì tó kún ni yóò gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀, wákàtí méje péré ló sì kù kí ilẹ̀ mọ́. Pẹ̀lú ètò yìí, ọ̀rọ̀ tí a lè kọ kí ọkàn wa sì balẹ̀ ti wà: fáànù, iná, Wáìfáì àti fíríìjì ní gbogbo òru, ẹ̀rọ amúlétutù títí di aago méjìlá bí Nẹ́pà kò bá sí.

Ó dun ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi díẹ̀. Ó ní àwọn aládùúgbò ń kọ wákàtí 24, àlejò yóò sì rò pé tiwọn ló dára jù. Mo gbà pé àwọn kan yóò fi tiwa sílẹ̀ nítorí ẹ̀. Àwọn tó bá fi í sílẹ̀ ni àwọn tí kò lè sùn láìsí ẹ̀rọ amúlétutù láàárín òru, àwọn gan-an ni ì bá sì fún wa ní ìràwọ̀ méjì. Airbnb ní kí àlejò máa dá ohun mẹ́fà wọ̀n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́yìn tó bá lọ: ìmọ́tótó, bí ilé ṣe bá àpèjúwe mu, bí wọ́n ṣe gbà á wọlé, bí onílé ṣe ń dáhùn, ibi tí ilé wà, àti bóyá owó náà tọ́. Bíbá àpèjúwe mu ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ilé kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò ní àbọ̀ àlejò púpọ̀ tí yóò bo ẹyọ kan tó burú mọ́lẹ̀, nítorí náà àlejò kan péré tí inú rẹ̀ kò dùn lè ba ojú ilé jẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Owó epo náà wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn onílé kan máa ń dúró kí àlejò dé, kí wọ́n tó ní kó mú owó epo wá bí ó bá fẹ́ kí wọ́n tan ẹ̀rọ amúnáwá. Kò sí ohun tó ń ba àlejò nínú jẹ́ tó báyìí, nítorí ó ti san owó yàrá tán, kò sì ní ibòmíràn tí yóò lọ lóru. A fi owó epo sínú owó yàrá, a sì kọ ọ́ sínú àpèjúwe pé ó ti wà níbẹ̀.

Omi gbígbóná ni ohun kejì tí a ní láti ṣírò. Hítà wà ní ilé ìwẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń jẹ wáàtì 1,500. Ínfátà lè gbé ọ̀kan. Bí méjì bá tan, wọ́n di 3,000, ilé á sì ṣókùnkùn. Ẹ wá ro àárọ̀ Sátidé ní Abẹ́òkúta. Àwọn tó wá ṣe ìnáwó ló kún yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, gbogbo wọn fẹ́ dé ibi ìdána ní aago mẹ́wàá, gbogbo wọn fẹ́ wẹ̀ láàárín aago méje sí mẹ́jọ, gbogbo wọn sì fẹ́ lo áyọ́ọ̀nù. Áyọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀ ń jẹ wáàtì 1,200. Kò sí ínfátà ilé kékeré tó lè gbé àárọ̀ Sátidé wa. Ẹni tó bá fi àmì sí iwájú omi gbígbóná àti áyọ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ ti ro àárọ̀ yẹn.

Ohun tí a ṣe ni pé a ń tan ẹ̀rọ amúnáwá láti aago mẹ́fà ààbọ̀ sí mẹ́jọ ààbọ̀ láàárọ̀ Sátidé bí Nẹ́pà kò bá sí, a sì pa ẹ̀rọ amúlétutù ní àkókò náà, a kì í sì í jẹ́ kí hítà tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ju méjì lọ. Oníná yọ okùn hítà kúrò lára ínfátà pátápátá, kí ẹnikẹ́ni má baà tan án lóru kí ó sì pa gbogbo ilé. Nínú àpèjúwe, a kọ àkókò omi gbígbóná sílẹ̀. A tún kọ ọ́ pé áyọ́ọ̀nù àti pátákó ìlọṣọ wà, pé dígí tó ga tó ènìyàn wà nínú yàrá kọ̀ọ̀kan. Mo gbà gbọ́ pé gbólóhùn dígí yìí wúlò ju gbogbo ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tó wà nínú àpèjúwe àkọ́kọ́ lọ. Obìnrin tó fẹ́ wé gèlè mọ ohun tí dígí kékeré ilé ìwẹ̀ ń fi ojú ènìyàn rí.

Ti Wáìfáì rọrùn láti yanjú, ṣùgbọ́n ó kọ́ wa ní nǹkan. A ti fi àmì sí i. Nígbà tí mo gbé fóònù mi káàkiri láti wọn ìyára rẹ̀, mo rí i pé Mbps 20 ló wà nínú pálọ̀, 3 péré ló sì wà nínú yàrá ẹ̀yìn. Ògiri amọ̀ tó nípọn ló dá a dúró. Ẹni tó fẹ́ ṣe ìpàdé olójúkojú lórí fóònù nílò nǹkan bíi Mbps 4 kí àwòrán rẹ̀ má baà máa já, ní lílọ àti ní bíbọ̀, bẹ́ẹ̀ yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n ń fi fún ẹni tó bá ní òun fẹ́ ibi tó dákẹ́ láti ṣiṣẹ́. Wọ́n gbé ráútà kúrò ní pálọ̀ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, wọ́n sì fi ẹ̀rọ kékeré kan tó ń gbé e dé ẹ̀yìn kún un. Yàrá ẹ̀yìn di 11. Airbnb ní ohun tí onílé lè fi wọn ìyára yìí lórí fóònù rẹ̀, kí àlejò lè rí i, ó sì sàn kí ẹ wọ̀n ọ́n nínú yàrá tó jìnnà jù ju kí ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà lọ.

Àpótí kan tún wà fún ibi iṣẹ́. Ohun tí wọ́n ń retí níbẹ̀ ni tábìlì tó gba kọ̀ǹpútà alágbèéká, àga tí ènìyàn lè jókòó sí fún ìgbà pípẹ́, àti ihò iná nítòsí. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn kò sí lára rẹ̀. A gbé tábìlì àti àga sí yàrá ẹ̀yìn nìkan, yàrá ẹ̀yìn nìkan ni a sì fi àmì rẹ̀ sí. Mo rí onílé tó fi àmì ohun tó wà nínú yàrá kan sí gbogbo yàrá, bí ẹni pé ilé kan náà ni. Ẹni tó gba yàrá mìíràn kò ní í gbà bẹ́ẹ̀.

Àwọn ohun tí kò tù wá nínú láti sọ ló kù. Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá ni àlejò yóò gùn kí ó tó dé yàrá, kò sì sí yàrá nísàlẹ̀. Òkú ṣíṣe àti ìgbéyàwó ló ń mú àwọn àgbà wá sí Abẹ́òkúta jù, orúnkún àwọn àgbà kì í sì í gba àtẹ̀gùn. Aké jẹ́ àdúgbò àtijọ́. Ìjọ Pétérù Mímọ́ tó jẹ́ àgbà láàárín àwọn ìjọ ilẹ̀ wa wà níbẹ̀, aago ń lù, mọ́sálásí náà ń pe àdúrà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀nà tó wọ ilé ṣe tóóró, ọkọ̀ kékeré yóò wọlé, bọ́ọ̀sì eléèyàn 18 kò ní í wọlé. Ọkọ̀ méjì péré ni ọgbà náà gbà, bẹ́ẹ̀ yàrá mẹ́ta ló wà, nítorí náà ẹni kẹta tó bá gbé ọkọ̀ wá gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ó tó sanwó. Gbogbo ìwọ̀nyí ni a kọ. Ẹni tí agogo ìjọ kò bá jẹ́ kó sùn yóò wá ibòmíràn, ẹni tó sì wá nítorí Aké àtijọ́ yóò kà á sí ara ohun tó tìtorí rẹ̀ wá.

Kámẹ́rà kan wà nínú pálọ̀ tí gbogbo àlejò ń lò. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fi í síbẹ̀ nítorí olè. Láti ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni Airbnb ti fòfin de kámẹ́rà nínú ilé, pálọ̀ àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà wà nínú rẹ̀, kódà bí onílé bá kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n yọ ọ́. Ti ẹnu géètì ṣì wà, nítorí ìta ni, ṣùgbọ́n dandan ni kí a sọ ibi tó wà, a sì sọ ọ́. Mo rò pé òfin yìí dára. Obìnrin tó wé ìborùn jáde láti ilé ìwẹ̀ lọ mu omi kò yẹ kó wà lójú fóònù ẹnikẹ́ni.

Ìrìn àti iye àkókò náà nílò ìṣọ́ra. Àwọn tó ń bọ̀ láti Èkó lè wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí ibùdó Wọlé Ṣóyínká ní Láderin, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń béèrè bí ó ti jìnnà sí. A kò kọ “ó sún mọ́ ibùdókọ̀ ojú irin,” nítorí kò sún mọ́ ọn. A kọ ọ́ pé wọn yóò wọ takisí. Olúmọ ni a lè sọ pé ó sún mọ́ wa, a sì fi ẹsẹ̀ rìn ín kí a tó kọ iye ìṣẹ́jú, nítorí òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìlú yìí kì í jẹ́ kí ìrìn àti bó ṣe rí lórí máàpù dọ́gba. Ọjà àdìrẹ Ìtokú náà wà lọ́nà ibẹ̀, a sì dárúkọ rẹ̀, torí kì í ṣe òkúta nìkan ni àwọn àlejò ń wá, àwọn mìíràn ń wá àdìrẹ.

Apá àkọ́kọ́ nínú àpèjúwe lórí Airbnb gba lẹ́tà 500. Ohun tí a kọ síbẹ̀ nìyí:

*Yàrá mẹ́ta lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan ní Aké, ìrìn ẹsẹ̀ bí ogún ìṣẹ́jú sí Olúmọ. Fáànù, iná, Wáìfáì àti fíríìjì ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo òru lórí sólà. Bí Nẹ́pà kò bá sí, ẹ̀rọ amúnáwá ń gbé ẹ̀rọ amúlétutù láti aago 7 sí 12 alẹ́. Owó epo ti wà nínú owó yàrá. Omi kànga ẹ̀rọ kì í dá. Áyọ́ọ̀nù àti dígí gíga wà. Àyè ọkọ̀ kékeré méjì wà nínú ọgbà. Àtẹ̀gùn 14 ni ẹ ó gùn. Aago ìjọ àti ìpè àdúrà máa ń dún kí ilẹ̀ tó mọ́.*

Àwọn ohun yòókù, bí àkókò omi gbígbóná, kámẹ́rà ẹnu géètì, bọ́ọ̀sì tí kò lè wọlé, lọ sí àwọn àyè tó wà nísàlẹ̀. “Omi kì í dá” náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Táńkì lítà 2,000 wà lókè, tí wọ́n ń kún lójoojúmọ́ nígbà tí ẹ̀rọ amúnáwá tàbí Nẹ́pà bá wà. Ènìyàn mẹ́fà tó ń lo nǹkan bíi lítà 100 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan yóò lo 600, nítorí náà bí ẹ̀rọ tó ń fa omi bá bàjẹ́ lónìí, ilé ṣì ní omi ọjọ́ mẹ́ta. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ka àpèjúwe náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, “Ọkọ mi, kò dùn tó tèmi.” Kò dùn tó o. Ṣùgbọ́n ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà yẹn, ìbéèrè tí àwọn àlejò ń kọ ránṣẹ́ sí i kí wọ́n tó sanwó ti yí padà. Wọn kì í béèrè mọ́ pé ṣé iná wà. Wọ́n ń béèrè aago tí wọ́n lè dé.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé àlejò, tí ẹ sì fẹ́ gbé e sórí ìkànnì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kọ ohunkóhun. Ẹ yan alẹ́ kan tí ilé ṣófo. Ẹ pa Nẹ́pà láti orí mítà ní aago méje. Ẹ sùn nínú yàrá tó burú jù, ẹ tan gbogbo ohun tí àlejò máa tan, ẹ jí wẹ̀ láàárọ̀, ẹ lọ aṣọ yín. Ẹ kọ aago tí ohun kọ̀ọ̀kan kú sínú ìwé, kí ẹ sì jẹ́ kí ìwé yẹn wà níwájú yín nígbà tí ẹ bá jókòó láti kọ àkọlé. Bí bátìrì bá ti lo ọdún kan sí i, ẹ tún un ṣe, nítorí agbára rẹ̀ yóò ti dín kù, àpèjúwe yín kò sì mọ̀.